Ta Ló Fún Ẹ Ní Ojú Yẹn? Bí Àwòrán Wúruwùru Ṣe Ń Dúró fún Irú Ènìyàn Nínú Míìmù

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ kan ní Òkókómáíkò, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ará ilé wa ti ki fóònù bọ ṣájà, ni àwòrán kan bá balẹ̀ sórí gúrúùpù Wásáàpù ilé wa. Apá méjì ló ní. Ní apá òsì, ọkùnrin apárí kan tó wo awò ojú ń sunkún, omi ń dà lójú ẹ̀ pòròpòrò, ó la ẹnu gbàgà. Wọ́n kọ ọ́ sókè orí ẹ̀ pé: "Ẹni tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ ní Ìbà." Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ni: "Mọ́mì mi ní kí n ti wọlé kí aago méje tó lù." Ní apá ọ̀tún, ọkùnrin kan tí àgbọ̀n ẹ̀ fẹ̀ bí páànù, tó ní irùngbọ̀n, ń wo ẹ̀gbẹ́ kan wọ̀ǹwọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ sókè tiẹ̀ pé: "Ẹni tó gba yàrá ní Okoko." Tiẹ̀ kò gùn: "Yàrá mi, kọ́kọ́rọ́ mi."

A rẹ́rìn-ín. Ilé kan náà ni gbogbo wa gba yàrá sí, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ohun tó wá ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yẹn ni pé mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Ojú méjèèjì ti sọ ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi fún mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kàn dé lẹ́yìn wá jẹ́rìí sí i ni. Báwo ni ìlà dúdú mẹ́wàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ẹni tó yà á kò tilẹ̀ mọ àwòrán yà, ṣe lè ṣe ìdájọ́ tó yá tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ mú bírò àti bébà. Ẹ ya òbìrìkìtì márùn-ún, kó máa wọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sóhun tó kàn wá. Ẹ fi àmì tó-tó méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹyinjú, kí ẹ fa ìlà kan fún ẹnu. Ní òbìrìkìtì kìíní, ẹ jẹ́ kí ìlà ẹnu tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ìkejì, ẹ fi irun òkè ojú kún un, kí ìdí ẹ̀ tó sún mọ́ imú ga sókè. Ní ìkẹta, ẹ yí i padà, kí ìdí tó sún mọ́ imú wálẹ̀. Ní ìkẹrin, ẹ kó ẹyinjú àti ẹnu lọ sísàlẹ̀ pátápátá, kí iwájú orí gba gbogbo òkè. Ní ìkarùn-ún, ẹ gbé ẹyinjú sókè, kí ẹ wá ya àgbọ̀n tó fẹ̀ tó sì ní igun sísàlẹ̀. Ẹ ti ní ènìyàn márùn-ún báyìí: ẹni tí nǹkan kan kò kàn, ẹni tí inú ẹ̀ bàjẹ́, ẹni tó ń bínú, ọmọdé, àti ọkùnrin kan tí kò gbọdọ̀ sí ẹni tó gbé fóònù ẹ̀ láìtọrọ. Ẹ kò kọ́ iṣẹ́ àwòrán, ẹ kò sì lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi irú eré yìí ṣe ẹ̀kọ́ gidi ni Rodolphe Töpffer, olùkọ́ ilé ìwé kan ní ìlú Jìnífà ní Swísáláǹdì. Ó máa ń ya ìtàn ẹ̀fẹ̀ láti fi dá àwọn ọmọ ilé ìwé ẹ̀ lára yá, àwọn ènìyàn sì máa ń kà á mọ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn alaláwòrán. Ní ọdún 1845 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa ojú ènìyàn. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé kò sí ojú tí ènìyàn lè yà, bó ti wù kó burú tó, tí kò ní ní ìwà. Bí ẹ bá ti ya ojú, ẹ ti ya ẹnìkan, ẹni náà yóò sì dà bí òmùgọ̀ tàbí ọlọgbọ́n, agbéraga tàbí ojo, yálà ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ kò fẹ́. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀, Ernst Gombrich, tó jẹ́ onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, fún ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ: òfin Töpffer.

Ṣùgbọ́n Töpffer kò dúró síbẹ̀, ibi tó dé gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí a ó padà síbẹ̀. Ó pín àmì ojú sí oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni àmì tó ń wá tó sì ń lọ: ẹnu tó là, omijé, ojú tó le, ẹ̀rín. Èkejì ni àmì tó wà níbẹ̀ títí: bí àgbọ̀n ṣe fẹ̀ tó, bí imú ṣe gùn tó, bí iwájú orí ṣe yọ. Ó ní ènìyàn lè gba oríṣi àkọ́kọ́ gbọ́ dáadáa. Ẹni tó ń sunkún, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa dùn ún lóòótọ́. Oríṣi kejì ni kò ṣeé gbára lé. Àgbọ̀n fífẹ̀ kò sọ fún yín bóyá ẹnìkan láyà, imú gígùn kò sì sọ bóyá ó jẹ́ òpùrọ́. Nígbà ayé ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní Yúróòpù ń wọn orí àti imú kiri, wọ́n ní àwọn lè fi mọ ìwà ènìyàn, Töpffer sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó mọ̀ pé òun lè fi ìlà kan ṣoṣo sọ ẹnikẹ́ni di òmùgọ̀ lórí bébà, ó sì mọ̀ pé bébà nìkan ni ibẹ̀ mọ.

Ìkánjú ojú wa ló fún irú àwòrán yìí ní agbára. Ní ọdún 2006, Janine Willis àti Alexander Todorov ní Yunifásítì Princeton fi fọ́tò ojú ènìyàn han àwọn kan fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá péré, wọ́n wá bi wọ́n pé: ṣé ẹni yìí ṣeé fọkàn tán? Ṣé ó mọ iṣẹ́? Ìdáhùn wọn sún mọ́ ti àwọn tí kò sẹ́ni tó ká àkókò lé lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un, ohun tó pọ̀ sí i jù ni ìdánilójú àwọn tó ń dáhùn. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kì í ṣe pé ìdájọ́ wọn tọ̀nà. Ó kàn yá ni. Fọ́tò gidi nìyẹn, tó kún fún òjìji àti awọ ara. Àwòrán tí wọ́n ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò, tó ku omijé àti àgbọ̀n nìkan, yóò tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa apárí náà fúnra ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni Wojak. Ní nǹkan bí ọdún 2009 sí 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lórí ìkànnì àwọn ará Pólándì, lẹ́yìn náà ẹnìkan tó ń lo orúkọ yẹn gbé e lọ sórí ìkànnì àwọn ará Jámánì tó ń jẹ́ Krautchan, ibẹ̀ ló gbà di ti gbogbo ayé. "Wojak" lédè Pólándì, sójà ló túmọ̀ sí. (Ẹni tó bá ń gbé nítòsí bárékè Ọ̀jọ́ bíi tèmi, tó ti rí sójà gidi lójúkojú, yóò mọ̀ pé kò sí ohun tó jọ sójà lára ọmọkùnrin yẹn.) Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ojú ìbànújẹ́ ni, ojú "mo mọ bó ṣe ń ṣe ẹ́", ẹni tó bá sì fi ránṣẹ́, ara ẹ̀ ló ń fi hàn. Ẹ rántí ìyẹn: ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni pé kí ènìyàn fi wọ̀ fúnra ẹ̀.

Àwòrán náà kò ní ju ìlà díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè fi nǹkan kún un. Wọ́n fi fìlà dúdú, sìgá àti ojú tí kò rí oorun sùn kún un, ó di ọ̀dọ́ tí ayé ti sú. Wọ́n sọ orí ẹ̀ di kékeré, ó di ẹni tí kò ní ọpọlọ. Wọ́n fún un ní awò ojú àti irùngbọ̀n ṣákaṣàka, wọ́n la ẹnu ẹ̀, ó di ọkùnrin tí nǹkan pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ ń ya lẹ́nu. Ní ọdún 2017, míìmù tó ń fi ojo àti akọni wéra di ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn: ojo ń tẹ orí ba rìn, akọni tí wọ́n ń pè ní Chad ń yan. Àwòrán aláwọ̀ eérú kan, tí ẹnu ẹ̀ tẹ́ tí imú ẹ̀ ṣóńṣó, jáde ní ọdún 2018 láti fi sọ pé àwọn kan kò ní èrò tiwọn, pé bí wọ́n ṣe tò wọ́n ni wọ́n ń rìn, bí àwọn ènìyàn inú géèmù tí kò sẹ́ni tó ń darí wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé iṣẹ́ Twitter ti nǹkan bí 1,500 àkáǹtì pa tí àwọn ènìyàn fi ojú yẹn ṣí ṣáájú ìbò ní Amẹ́ríkà. Bí ojú tí ènìyàn ń fi sọ pé "inú mi bàjẹ́" ṣe di ojú tí ènìyàn ń fi sọ pé "ìwọ kì í ṣe ènìyàn" nìyẹn, láàárín ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án.

Ìwúruwùru ẹ̀ náà wúlò. Míìmù tó bá ti kọjá nínú gúrúùpù ogún, Wásáàpù yóò ti fún un pọ̀ léraléra, àwọ̀ yóò ti ṣá, etí ìlà yóò ti máa ṣe bí eruku. Fọ́tò gidi kì í yọ nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ìlà dúdú lórí funfun, bó ti wù kí wọ́n fún un tó, ojú ẹ yóò ṣì mọ̀ ọ́n lórí síkírínì tó fọ́. Àwòrán tó dára jù kò ní gba àtúnṣe. Ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ ọlọ́nà. Èyí tó burú ni gbogbo ayé ń tún ṣe.

Ṣé gbogbo ohun tó wà nínú ojú wọ̀nyí ló wá fúnra ẹ̀, àbí a kọ́ ọ ni? Mo dán an wò. Mo bo ọ̀rọ̀ tó wà lórí míìmù Ìbà àti Okoko yẹn, mo wá fi han màmá mi. Mo ní, "Mọ́mì, èwo ló gbọ́n jù nínú àwọn méjèèjì yìí?" Wọ́n fa fóònù sún mọ́ra. Wọ́n ní, "Kí ló ń pa eléyìí lẹ́kún? Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ." Mo ní, èkejì ńkọ́? "Eléyìí? Òyìnbó agbéraga ni. Ó jọ ẹni tó ń dúró kí n kí òun. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀."

Ìdáhùn yẹn ṣí mi létí. Omijé kò nílò ògbufọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ màmá mi bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n pé ẹni tó ń sunkún ni ó pàdánù, pé ẹni tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ni ó borí, ẹ̀kọ́ ni ìyẹn, a ti kọ́ ọ láti ara ẹgbẹẹgbẹ̀rún míìmù láìmọ̀. Màmá mi kò sí ní kíláàsì náà. Fún wọn, ẹni tó ń sunkún ni kí a ṣàánú, ẹni tó dákẹ́ gbágbá ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Yorùbá tó sì ń fi òyìnbó onírùngbọ̀n yẹlò dúró fún ara ẹ̀ ní Okoko, ó ti gbàgbé pé òyìnbó ni. Ó ti di àmì bí álífábẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìlú tí lẹ́tà A ti wá.

Kí ẹ má rò pé àwọn ará Pólándì ló kọ́ wa ní fífi àmì díẹ̀ dúró fún irú ènìyàn. Ní ọdún 1825, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Sikótíláàńdì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìlú tí ọ̀nà Okoko wa yìí ń lọ, ó sì rìn títí ó fi dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ní oṣù kejì ọdún 1826, àwọn eléégún alárìnjó ṣeré fún un níwájú ààfin. Ere ńlá jáde, àwọn míì jó nínú àpò. Nígbà tó yá, ẹnìkan bọ́ sóde tó funfun bí ìda láti òkè délẹ̀, tó tín-ín-rín, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń ṣe. Àwọn èrò ìwòran wá ń yíjú sí Clapperton, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó jọ ọ́. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò ẹ̀ pé eré náà dára gan-an.

Ẹ ka àmì tí wọ́n lò: awọ funfun, ara tín-ín-rín, áṣáà, ọwọ́ tó ń ra ọwọ́, ẹsẹ̀ tó ń bẹ̀rù ilẹ̀. Márùn-ún péré. Kò sẹ́ni tó wọn ìbú imú ẹnikẹ́ni. Àwọn alárìnjó sì ní irú ẹ̀ fún Tápà, fún ará Ìdàhòmì, fún ọ̀mùtí. Àmì tí wọ́n yàn, bí wọ́n ṣe tó, ló ń mú ni mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Àwa tí a wá lẹ́yìn ní tiwa. Ní ọdún 1976 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ *Ikebe Super*, ibẹ̀ ni Pàpá Àjàsco ti jáde: orí pípá, ikùn tó yọ, ojú tí kì í kúrò lára obìnrin. Àwọn òbí yín yóò sọ ìyókù fún yín. Òun náà dúró fún irú ènìyàn kan, bàbá àdúgbò tó yẹ kó ti jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Wojak. Pàpá Àjàsco ní orúkọ, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ń ṣe nǹkan, nǹkan sì ń ṣe é. Lọ́sẹ̀ kan ẹ ó fi í rẹ́rìn-ín, lọ́sẹ̀ kejì àánú ẹ̀ yóò ṣe yín. Ojú inú míìmù kò ní ilé, kò ní àná. Agọ̀ òfìfo ni. Ẹnikẹ́ni tó bá mú un lè gbé e bọ ẹlòmíì lórí, ẹni tí wọ́n gbé e bọ̀ kò sì lè sọ̀rọ̀ jáde nínú ẹ̀, torí ẹni tó gbé agọ̀ náà bọ̀ ọ́ ló tún kọ ohun tó sọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí míìmù wa ká tú u. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ tàbí ojú, fóònù yín sì tó o ṣe. Ẹ ṣí àwòrán náà nínú ohun tí ẹ fi ń tún fọ́tò ṣe. Ẹ gé ojú méjèèjì, kí ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan.

Mo ṣe é. Akọni alágbọ̀n-fífẹ̀ ló wá ń gbé lọ́dọ̀ òbí ẹ̀ ní Ìbà báyìí. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan wọ̀ǹwọ̀n, ó ní: "Mọ́mì mi ní kí n ti wọlé kí aago méje tó lù." Ẹ wò ó bó ṣe yí padà! Ọmọ tó mọ ilé ni, ẹni tí ìyá ẹ̀ fẹ́ràn, tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, tí kò jẹ gbèsè owó ilé. Apárí aláwò ojú ló wá gba yàrá ní Okoko, omijé ń dà lójú ẹ̀, ó ń pariwo: "Yàrá mi, kọ́kọ́rọ́ mi!" Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀ ni, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ tu ara ẹ̀ nínú. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà. Ìdájọ́ yí po. Nítorí náà, nínú míìmù àkọ́kọ́, kò sí ẹ̀rí kankan pé gbígba yàrá sàn ju gbígbé lọ́dọ̀ òbí lọ. Ojú ló pèsè ìdájọ́, ọ̀rọ̀ kàn gbà á lẹ́nu ẹ̀ ni.

Ìdánwò yìí ní ibi tó mọ o. Ẹnìkan nínú ilé wa fi ìlà kẹta kún míìmù náà, ó jẹ́ kí ọmọ Ìbà sọ pé: "Owó tí mo fi pamọ́ lọ́dún yìí ju owó yàrá ẹ lọ." Ẹ pààrọ̀ ojú níbẹ̀ bó ṣe wù yín. Bí akọni bá sọ ọ́, yóò dà bí ọgbọ́n. Bí ẹlẹ́kún bá sọ ọ́, yóò dà bí ìlara. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ṣì dúró: a lè ka owó, ká rí i bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ojú lè pinnu bóyá a fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́. Kò lè pinnu iye owó. Míìmù tó bá ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ti sọ nǹkan kan. Èyí tí kò ní ọ̀kan, tó jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ni ó yí po nígbà tí ojú pààrọ̀, kò tíì sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ní míìmù kan tó ń fi míìmù ṣẹ̀sín: ohun tó ń sọ ni pé, mo ti yà ọ́ bí ẹlẹ́kún, mo ti ya ara mi bí akọni, àríyànjiyàn ti parí.

Títí débí, eré ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni kì í ṣe eré.

Àdúgbò wa kì í ṣe ti ẹ̀yà kan. Àwórì ló ni ilẹ̀, Ẹ̀gùn wà láti apá Àgbádárìgì, ọjà Aláàbà kún fún àwọn ọmọ Ìgbò, àwọn Haúsá ń bẹ, àwọn tó wá kàwé sì ti ibi gbogbo wá. Nínú ilé wa, ọ̀rẹ́ mi kan wà tí wọ́n kọ ilà fún nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá ìyá ẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ẹnìkan mú ojú ẹlẹ́kún inú míìmù náà, ó fi ìka fa ìlà mẹ́ta mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó yí àkọlé padà sí "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó." Gbogbo gúrúùpù rẹ́rìn-ín fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà a rí i kà lórí síkírínì pé ọ̀rẹ́ mi ti jáde kúrò nínú gúrúùpù.

Ẹni tó yà á bú sí i pé, "Ṣebí àwòrán lásán ni? Ṣebí a ti ń fi awò ojú àti omijé ṣẹ̀sín látàná, ta ló bínú?" Mo rò ó títí, mi ò kọ́kọ́ rí ìdáhùn tó mọ́lẹ̀. Töpffer ló fún mi ní ìdáhùn níkẹyìn. Omijé, ẹnu gbàgà, awò ojú, fìlà: gbogbo ẹ̀ ló ṣeé bọ́. Èmi tó ń rẹ́rìn-ín lónìí, èmi náà lè jẹ́ ẹlẹ́kún lọ́la bí wọ́n bá já mi sílẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìlà mẹ́ta mẹ́ta tí ó fà lọ́jọ́ kejì kò ṣeé bọ́. Ó ti kúrò ní oríṣi àmì tó ń wá tó sì ń lọ, ó ti bọ́ sí oríṣi tó wà níbẹ̀ títí, èyí tí Töpffer ní kò sọ nǹkan kan nípa ìwà ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ilé náà, ẹnìkan ṣoṣo ló ní in. Míìmù tó ń sọ pé "àwọn kan máa ń ṣe báyìí" ti di èyí tó ń nàka sí ojú kan, kò sì ní kọ orúkọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ onílé.

Àwa náà lè máa tan ara wa lórí Chad níbí yìí. Àgbọ̀n ẹ̀, oríṣi kejì ni. Míìmù tí a rò pé ìwà ló ń fi wéra, ìyókù ara ló ti ń fi wéra láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tí egungun ẹ̀ fẹ̀ ló borí, ẹni tí egungun ẹ̀ tín-ín-rín ló pàdánù. A kò rí i torí àgbọ̀n kì í ṣe ohun tí wọ́n ti fi bú wa rí ní Okoko. Ọmọkùnrin tó tín-ín-rín lè ti rí i tipẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí míìmù bá dé báyìí, mo ti ní àṣà kan. Mo máa ń ka àmì tó wà lórí ojú ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n bi ara mi pé: ṣé ẹni yìí lè bọ́ ọ kó tó di àárọ̀ ọ̀la? Omijé, bẹ́ẹ̀ ni. Sìgá, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu tó là, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọ̀ ara, rárá. Ilà, rárá. Bí ìdáhùn bá ti di rárá, mo mọ̀ pé ẹni tó yà á ti fi irú ènìyàn sílẹ̀, ó ti ń sọ ibi tí wọ́n bí ẹnìkan sí.

Ọ̀rẹ́ mi kò padà sínú gúrúùpù. Ní ọjọ́ Sunday, nígbà tí a jọ ń dúró de omi níbi kànga, ó mú fóònù ẹ̀ jáde, ó fi nǹkan kan hàn mí. Ó ti tún míìmù náà ṣe. Akọni ló wá wà ní apá ọ̀tún, irùngbọ̀n yẹlò ẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀, ìlà mẹ́ta mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, wọ́n fà á dáadáa, ó dọ́gba ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Lókè ẹ̀ ló kọ "Ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà" sí. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i lẹ́nu. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní rárá, òun kò yà á fún ẹnikẹ́ni, ó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sórí.